Nínú ìlà mẹ́sàn-án àtẹ mi, mẹ́fà ni mo kọ "kò sí" sí. Ṣé kí n gbàgbé iṣẹ́ yìí ni?

Atọ́jú-Ọjà

Ẹ kú ilé o. Mo rí iṣẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka ìtọ́jú ọjà ní ilé ìkẹ́rùsí kan, mo sì fẹ́ kọ̀wé síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ́kọ́ ya àtẹ olópòó mẹ́ta: ohun tí wọ́n béèrè, ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú síífì mi, àti ohun tó kù. Mo yà á. Nínú ìlà mẹ́sàn-án, mẹ́fà ni mo kọ "kò sí" sí. Ọkàn mi bà jẹ́. Ṣé iṣẹ́ náà ló ga jù mí lọ ni, àbí àtẹ ọ̀hún ni mi ò mọ̀ ọ́n yà? Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù kí wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀.

Ọmọ-Kíbọọ̀dù

Bọ̀dá, ẹ má da ara yín láàmú rárá. Kọ̀ǹpútà ló ń kọ́kọ́ ka síífì láyé ìsinyìí, kì í ṣe èèyàn. Ẹ ṣáà da gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìpolówó yẹn sínú síífì yín bó ṣe wà, "kò sí" á di "ó wà" lójú ẹsẹ̀. Èmi a máa kọ wọ́n sí ìsàlẹ̀ ìwé ní lẹ́tà funfun. Ojú èèyàn ò ní rí i, kọ̀ǹpútà á rí i.

Abiyamọ-Tó-Ń-Wáṣẹ́

Ọ̀rọ̀ àlàfo yìí, ó dùn mí dé eegun. Èmi náà ní àlàfo ọdún méjì nínú síífì mi torí pé mo bímọ, mo sì jókòó ti ọmọ. Gbogbo ibi tí mo bá lọ ni wọ́n ti ń bi mí pé kí ni mo ń ṣe lọ́dún méjì yẹn. Ẹ má fi àlàfo yín pamọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìdílé ni.

Ìyá Fáìlì

Abiyamọ, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Àlàfo mìíràn ni wọ́n ń sọ níbí o, kì í ṣe ti ọdún téèyàn ò fi ṣiṣẹ́. Àyè tó wà láàárín ohun tí ìpolówó béèrè àti ohun tí síífì fi hàn ni. Ẹ jẹ́ ká ṣì fi tiyín sílẹ̀, a máa padà síbẹ̀, nítorí déètì wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́.

Ọmọ-Kíbọọ̀dù, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ dára, ìdajì kejì lè kóni sí wàhálà. Òótọ́ ni pé àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó ń wá ọ̀rọ̀ tó bá ìpolówó mu, nítorí náà bí wọ́n bá pe nǹkan ní "kíka ọjà", má pè é ní "ìṣirò ẹrù" nínú síífì rẹ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà funfun yẹn, ibi tí mo ń jókòó sí, mo máa ń rí i. Ètò tí à ń lò máa ń yọ àwọ̀ àti ọ̀ṣọ́ kúrò nínú ìwé, ó sì máa ń da gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sójú kan ní lẹ́tà dúdú. Gbogbo ohun tí o fi pamọ́ á wá tò rẹrẹ sísàlẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Mo ti ka síífì fún ọdún mọ́kànlá, n kì í pe ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Atọ́jú-Ọjà, mi ò tíì lè sọ bóyá iṣẹ́ náà ga jù yín lọ. "Kò sí" mẹ́ta ló wà, ẹ sì ti kó gbogbo wọn pọ̀ sójú kan. Ọ̀kan ni èyí tí ẹ ti ṣe rí ṣùgbọ́n tí ẹ gbàgbé láti kọ. Èkejì ni èyí tí ẹ ṣe ohun tó fara pẹ́ ẹ. Ẹ̀kẹta ni òfo pátápátá. Ẹ fi òpó kẹrin sí àtẹ yín, kí ẹ máa kọ "gbàgbé", "farapẹ́" tàbí "òfo" síbẹ̀. Kí ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ kọ ohun tí ìpolówó náà sọ síbí fún wa, pẹ̀lú ohun tó wà nínú síífì yín gan-an. Gan-an ni mo wí o, ẹ má fi ẹnu ara yín tún un sọ.

Atọ́jú-Ọjà

Ẹ ṣé, mà. Ohun tí wọ́n béèrè nìyí, mo tò ó bí wọ́n ṣe tò ó:

Ó kéré tán ọdún 5 nínú iṣẹ́ ìtọ́jú ọjà. Ìwé ẹ̀rí dípúlómà. Ìmọ̀ Excel àti kíkọ ìròyìn oṣooṣù fún ọ̀gá. Kíka ọjà àti mímú iye tí a kà bá iye inú ìwé mu. Dídarí òṣìṣẹ́ tó kéré tán 4. Ìrírí lílo SAP tàbí irú rẹ̀. Títọpa àwọn tó ń kó ọjà wá bí ọjà bá dín. Ìmọ̀ òfin ààbò níbi iṣẹ́. Ìwé àṣẹ wíwa fọ́kílífìtì (èyí yóò jẹ́ àfikún àǹfààní).

Ohun tó wà nínú síífì mi lórí iṣẹ́: "Mo ń bójú tó ilé ìkẹ́rùsí. Mo máa ń kópa nínú kíka ọjà. Mo mọ Excel." Lẹ́yìn náà dípúlómà mi, àti ibi mẹ́ta tí mo ti ṣiṣẹ́: 2019 sí 2021, 2020 sí 2022, 2022 sí 2024. Mo ṣírò rẹ̀ sí ọdún mẹ́fà, nítorí náà mo kọ "ó wà" sí ìlà àkọ́kọ́. Mo kọ ọ́ sí ti dípúlómà àti ti Excel náà. Mẹ́fà tó kù, kò sí.

Ìyá Fáìlì

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ la àwọn ìlà tó so pọ̀. "Ìmọ̀ Excel àti kíkọ ìròyìn oṣooṣù", ìlà méjì nìyẹn, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ rí Excel nínú rẹ̀, ẹ bá kọ "ó wà", ìròyìn oṣooṣù sì bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Irú èyí ló ń pa èèyàn jù, torí àlàfo tí ẹnì kan ò mọ̀ pé òun ní kò ní dí. Kíka ọjà àti mímú iye bára mu, méjì ni ìyẹn náà. Ìlà mẹ́sàn-án ti di mọ́kànlá.

Ní báyìí, ẹ wo "Mo mọ Excel". Ẹ kọ "ó wà" síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kọ́ nìyẹn, ìpè ara ẹni ni. Gbogbo ẹni tó kọ̀wé wá ló kọ ọ́. Kí ni ẹ fi Excel ṣe? Ohun tí ẹ bá lè tọ́ka sí pé "mo ṣe é, níbi báyìí, ó sì já sí báyìí", òun nìkan ló wọ òpó kejì. Ẹ sọ fún wa.

Atọ́jú-Ọjà

Ó dáa. Níbi iṣẹ́ tó kẹ́yìn, èmi ni mo ṣe fáìlì tí a fi ń tọ́jú ọjà. Ojú ewé kan fún ọjà tó wọlé, òmíràn fún èyí tó jáde. Mo lo SUMIFS láti fi nọ́mbà ọjà kọ̀ọ̀kan ro iye tó kù, mo sì ṣe é kí àyè rẹ̀ máa pọ́n bí ọjà bá ti sún mọ́ tán. Oríṣi ọjà 340 ló wà nínú rẹ̀. Mi ò rò pé ó tó nǹkan tí à ń kọ, nítorí mo kàn ṣe é kí orí mi má bàa gbóná ni.

Ìyá Fáìlì

Ẹ ò rí i! "Gbàgbé" nìyẹn. Gbogbo ohun tí ẹ kọ síbí yìí ṣe pàtàkì ju gbólóhùn mẹ́ta tó wà nínú síífì yín lọ. Kíka ọjà ńkọ́? "Mo máa ń kópa" lè jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ gbé àkàbà fún ẹni tó ń kà.

Atọ́jú-Ọjà

Ẹ má bínú mà, mo rẹ́rìn-ín. Rárá o, èmi ni mò ń kà. Ní ìparí oṣù, a máa ka gbogbo ọjà, a ó fi wé ohun tó wà nínú ìwé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, oríṣi 27 ni iye wọn ò bára mu. Mo wá rí i pé àwọn tó ń gba ọjà lálẹ́ ń kọ páálí kan sílẹ̀ bí ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ẹyọ méjìlá ló wà nínú páálí. Mo lẹ ìwé mọ́ ojú pákó pé "ẹyọ ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ páálí." Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ó kù mẹ́fà. Èmi náà ni mò ń kọ ìròyìn rẹ̀ fún ọ̀gá, ojú ewé kan lóṣù. Bí ọjà bá sì dín, èmi ni mò ń pe ẹni tó kó o wá, mo máa ń fi fọ́tò ìwé ìkówọlé ránṣẹ́.

Ìyá Fáìlì

Ẹ ti fi gbólóhùn mélòó kan pa "kò sí" mẹ́ta, ẹ sì dí ti ìròyìn tí ẹ ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí o: 27 àti mẹ́fà yẹn, ṣé ẹ lè dáhùn bí wọ́n bá bi yín pé báwo lẹ ṣe mọ̀? Bí ìròyìn oṣooṣù wọ̀nyẹn bá wà lọ́kàn yín, ẹ kọ ọ́. Bí ẹ bá kàn rò pé ó tó bẹ́ẹ̀, ẹ kọ pé ó dín kù, kí ẹ ṣàlàyé ohun tó fà á. Ọ̀rọ̀ páálí àti ẹyọ yẹn gan-an ni wọ́n máa rántí, ó ju nọ́mbà lọ.

Bàbá Alárìíwísí

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ìlà àkọ́kọ́ ni mo ń wò. Ọdún mẹ́fà wo? 2019 sí 2021, 2020 sí 2022. Ọkùnrin yìí ń ka ọdún kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹni tó ń gbani síṣẹ́ bá jókòó ṣírò rẹ̀, ó máa rò pé ẹ fẹ́ rẹ́ òun jẹ ni.

Atọ́jú-Ọjà

Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ní in lọ́kàn láti rẹ́nikẹ́ni jẹ. Oṣù kẹta 2019 sí oṣù kìn-ín-ní 2021 ni ti àkọ́kọ́. Ti èkejì, oṣù kẹwàá 2020 sí oṣù kẹta 2022, ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń ṣe é níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta, oṣù karùn-ún 2022 sí oṣù kẹsàn-án 2024.

Bàbá Alárìíwísí

Ẹ wò ó. Oṣù 23, oṣù 18, oṣù 29. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 70. Oṣù kẹwàá 2020 sí oṣù kìn-ín-ní 2021 wà nínú méjèèjì, oṣù mẹ́rin nìyẹn. Ẹ yọ ọ́. Ó ku 66. Ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́fà, kì í ṣe mẹ́fà.

Ọmọ-Kíbọọ̀dù

Baba, mo fi Excel ṣe tiyín, ti àkọ́kọ́ fún mi ní 22, kì í ṣe 23. Ohun tí mo tẹ̀ nìyí:

```
=DATEDIF(DATE(2019,3,1),DATE(2021,1,31),"m")
```

Bàbá Alárìíwísí

Ọmọ mi, oṣù tó bá pé nìkan ni DATEDIF ń kà. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù dé ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù, lójú tirẹ̀ oṣù yẹn ò tíì pé, ó ń retí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Fi 1 oṣù kejì 2021 sí ìparí, wàá rí 23.

Ọmọ-Kíbọọ̀dù

Ó ṣe é o. Mo dọ̀bálẹ̀, sà.

Ìyá Fáìlì

Ẹ ṣé é, Baba. Ìbéèrè mi kan lórí 66 yẹn. Atọ́jú-Ọjà, níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́, kí lẹ ń ṣe gan-an? Nítorí "iṣẹ́ ìtọ́jú ọjà" ni wọ́n kọ, wọn ò kọ "iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí". Ẹni tó ń gbá ilẹ̀ ilé ìkẹ́rùsí fún ọdún márùn-ún kò tíì tọ́jú ọjà.

Atọ́jú-Ọjà

Òótọ́ lẹ sọ. Oṣù mẹ́jọ àkọ́kọ́, mò ń já ẹrù lórí ọkọ̀ ni.

Bàbá Alárìíwísí

Yọ mẹ́jọ nínú 66, ó ku 58. Ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́wàá. Ẹ ò tó.

Ìyá Fáìlì

Ẹ mú sùúrù, Baba. Nígbà tí ẹ ń já ẹrù, Atọ́jú-Ọjà, kí ló wà lọ́wọ́ yín?

Atọ́jú-Ọjà

Oṣù méjì àkọ́kọ́, páálí. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n fún mi ní ìwé ìkówọlé àti bírò. Bí páálí kọ̀ọ̀kan bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni mò ń fi àmì sí iwájú orúkọ rẹ̀, bí ọ̀kan bá ya tàbí tó bá tutù, mo máa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kí awakọ̀ tó buwọ́ lù ú.

Ìyá Fáìlì

Gbígba ọjà nìyẹn, ara ìtọ́jú ọjà ni pọ́nńbélé. Oṣù méjì péré la máa yọ. Ó ku 64, ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́rin. Ẹ kọ oṣù mọ́ ọdún nínú síífì yín kí ẹnikẹ́ni má bàa rò ó síbi tí kò sí, kí ẹ sì kọ "ìrọ̀lẹ́" sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ kejì. Mo ti rí àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ torí pé ọdún méjì wọ ara wọn tí wọn ò ṣàlàyé. Kì í ṣe pé wọ́n purọ́, ẹni tó ń ka ìwé ọgọ́rùn-ún lójúmọ́ ò kàn ní àyè àtibéèrè ni.

Abiyamọ, ibi tí tiyín wọ̀ nìyí. Bí ìpolówó bá béèrè ọdún, ẹ fi oṣù ṣírò ohun tí ẹ ṣe ṣáájú ọmọ àti lẹ́yìn ọmọ, kí ẹ rò ó pọ̀. Bí ó bá pé, ọdún méjì tó wà láàárín kò ba ìlà yẹn jẹ́ nínú àtẹ.

Abiyamọ-Tó-Ń-Wáṣẹ́

Háà. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà gbogbo ni mò ń ka ibi tó ṣófo, n kì í ka ibi tó kún. Mo ń lọ mú ìwé.

Ará-Ilé-Ìkẹ́rù

Mo ń lo SAP lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ti ìlà yẹn. "Tàbí irú rẹ̀" ni wọ́n kọ. Ọ̀gbẹ́ni, kí lẹ fi ń gba ọjà wọlé sínú kọ̀ǹpútà?

Atọ́jú-Ọjà

Ètò kan tí ilé iṣẹ́ náà ṣe fúnra wọn, kò ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni mọ̀ níta. A fi ń kọ ọjà tó wọlé, èyí tó jáde, èyí tí a gbé láti yàrá kan sí èkejì, àti àtúnṣe lẹ́yìn kíkà. Excel tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, torí ètò náà ò lè kìlọ̀ bí ọjà bá fẹ́ tán.

Ará-Ilé-Ìkẹ́rù

Iṣẹ́ kan náà ni. Lọ́dọ̀ tiwa, MIGO la máa ń tẹ̀ láti gba ọjà wọlé tàbí láti gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn. Tó bá di kíkà, MI01 la fi ń ṣí ìwé kíkà, MI04 la fi ń kọ iye tí a kà, MI07 la fi ń fọwọ́ sí ìyàtọ̀. Ẹ ti ṣe gbogbo rẹ̀, bọ́tìnì ló yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ "SAP" bí ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n lò. Bí wọ́n bá mú yín jókòó tí ọ̀gá ẹ̀ka wọn ní "ẹ ti kà á tán, ìyàtọ̀ wà, kí lẹ máa ṣe sí i nínú SAP?", ẹni tó lò ó á dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò lò ó á bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà. Mo ti wà nínú yàrá tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ojú ti gbogbo wa.

Ọmọ-Kíbọọ̀dù

Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà "SAP" kò bá sí nínú síífì rárá, kọ̀ǹpútà lè má mú un. Ohun tí mo ń sọ láti òwúrọ̀ nìyẹn.

Ìyá Fáìlì

Nínú èyí, o jàre. Ọ̀nà kan wà tí ọ̀rọ̀ náà fi lè wọlé láìpurọ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ètò ìtọ́jú ọjà ilé iṣẹ́ (gbígbà, fífún, gbígbé, àtúnṣe lẹ́yìn kíkà), mi ò tíì lo SAP." Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, òtítọ́ náà wà níbẹ̀.

Bàbá Alárìíwísí

Èmi ò fara mọ́ ọn. Ta ló ń kọ ohun tí kò mọ̀ sínú síífì? Ohun tí ẹ ní ni kí ẹ kọ, kí wọ́n fúnra wọn béèrè ìyókù. Bí ẹ bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀, inú lẹ́tà ni kó wà.

Ará-Ilé-Ìkẹ́rù

Tèmi ni pé kí ó má sí nínú lẹ́tà pàápàá. Ẹ kọ ètò tí ẹ lò àti ohun tí ẹ fi ṣe, kí ẹ dákẹ́.

Ìyá Fáìlì

Ẹ wo ọ̀rọ̀, mẹ́ta ti yapa. Èmi ṣì dúró lórí tèmi, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n máa gbà pẹ̀lú Baba. Atọ́jú-Ọjà, ẹ̀yin lẹ máa yàn. Ohun tó dájú ni pé nínú àtẹ yín, òpó kẹta ìlà yẹn gbọ́dọ̀ sọ "SAP gan-an: kò sí". Ẹ̀yin nìkan lẹ máa rí àtẹ. Ẹ má purọ́ fún ara yín níbẹ̀.

Atọ́jú-Ọjà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti tún un yà. Ìlà mélòó kan nínú rẹ̀ nìyí, kí ẹ bá mi wò ó:

| Ohun tí wọ́n béèrè | Ẹ̀rí nínú síífì tuntun | Ohun tó kù | Irú rẹ̀ |
|---|---|---|---|
| Excel | Mo ṣe fáìlì ìtọ́jú ọjà oríṣi 340. SUMIFS ń ro iye tó kù, àwọ̀ pupa ń kìlọ̀ bí ọjà bá fẹ́ tán | Kò sí mọ́ | gbàgbé |
| Mímú iye bára mu | Mo rí i pé páálí ni wọ́n ń kọ dípò ẹyọ; ọjà tí iye rẹ̀ ò bára mu dín láti 27 sí 6 ní oṣù 4 | Kò sí mọ́ | gbàgbé |
| Dídarí òṣìṣẹ́ 4 | Mo dípò ọ̀gá ẹ̀ka fún ọ̀sẹ̀ 6 ní 2023. Mo pín iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ 5 | Orúkọ ipò. Ìgbà pípẹ́ | farapẹ́ |
| SAP tàbí irú rẹ̀ | Ètò ilé iṣẹ́: gbígbà, fífún, gbígbé, àtúnṣe | SAP gan-an: kò sí | farapẹ́ |
| Òfin ààbò | | Gbogbo rẹ̀ | òfo |

Mo lo fọ́múlà láti ka òpó kẹrin:

```
=COUNTIF(D2:D12,"òfo")
```

Ọ̀kan péré ló fún mi. Mo kọ́kọ́ rò pé mo ṣì í.

Bàbá Alárìíwísí

Ìlà dídarí òṣìṣẹ́ yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kì í ṣe dídarí èèyàn. Ẹ bá wọn ṣọ́ ilé ni. Ẹni tó ti darí èèyàn ti bá wọn jà, ó ti lé èèyàn kan, ó ti bẹ ọ̀kan pé kó má lọ.

Ìyá Fáìlì

Ìdí tí ó fi kọ "farapẹ́" nìyẹn, Baba, kò kọ "ó wà". Mo fẹ́ràn pé ó sọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ká ní ó kọ "mo darí òṣìṣẹ́ márùn-ún" láìsọ ìgbà, irọ́ ni ì bá jẹ́. Ìbéèrè tèmi ni: ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, ǹjẹ́ ohun kan bàjẹ́ tí ẹ tún ṣe?

Atọ́jú-Ọjà

Ẹni méjì ò wá lọ́jọ́ kan náà, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ mẹ́ta ń bọ̀. Mo pe ọkọ̀ kan pé kó wá lọ́jọ́ kejì, mo sì gbé ẹni tó ń kó ọjà jáde wá síbi ìgbàwọlé títí di ọ̀sán. Ìyẹn ni.

Ìyá Fáìlì

Ẹ má fi ìyẹn sínú síífì, ó máa gùn jù. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn àtẹ yín. Ìlà "farapẹ́" kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa bi yín nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn yín gbọ́dọ̀ wà ní sẹpẹ́. Ti òfin ààbò, ọjọ́ mẹ́jọ lẹ ní. Bí ẹ bá rí ẹ̀kọ́ kúkúrú tí ẹ lè parí kó tó di ọjọ́ náà, ẹ ṣe é. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi àyè náà sílẹ̀ lófo, kí ẹ fi ìwé ránṣẹ́. Òfo kan nínú mọ́kànlá kì í dá ẹnikẹ́ni dúró lọ́dọ̀ mi, àfi bó bá jẹ́ èyí tí òfin sọ pé ẹ ò lè ṣiṣẹ́ láìní.

Ará-Ilé-Ìkẹ́rù

Fọ́kílífìtì ńkọ́? Mi ò rí i nínú ìlà tó kọ síbí.

Atọ́jú-Ọjà

Ó wà nínú àtẹ, mo kọ "farapẹ́" sí i. Mo ní ìwé àṣẹ náà, abẹ́ àpótí aṣọ ni mo ti rí i lánàá. Ó ti kú láti oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá.

Ìyá Fáìlì

Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú déètì tó kú, kí ẹ fi "mo ń tún un ṣe" kún un tí ẹ bá ń tún un ṣe lóòótọ́. Àfikún ni wọ́n pè é, ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kó má bàa gba àyè lọ́wọ́ ìtàn páálí yẹn.

Ọmọ-Kíbọọ̀dù

Mo ti pa lẹ́tà funfun mi rẹ́ o. Mo ń ya àtẹ tèmi. Ìlà mẹ́rìnlá, òfo mẹ́jọ, mo sì ti lo fọ́múlà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dá mi lójú. Ìyá Fáìlì, mẹ́jọ nínú mẹ́rìnlá ńkọ́?

Ìyá Fáìlì

Mélòó nínú mẹ́jọ ni ìpolówó kọ "dandan" sí? Ya àwọn yẹn sọ́tọ̀ ná, kí o padà wá.